Nígbà tí Onídìrí Bá Ń Kó Lọ: Ohun tó Yẹ kí Oníbàárà Rí Kà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wo gbólóhùn yìí dáadáa: "A ko lo si Oju-Ore lati ojo Isegun." Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣe wọ orí fóònù àwọn oníbàárà ilé ìṣerun kan ní Sàngó-Ọ̀tà. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́ ni pé, "A kó lọ sí Ojú-Ore." Ṣùgbọ́n ìròyìn ti ń jà ràn-ìn tẹ́lẹ̀ pé obìnrin náà fẹ́ kó kúrò ní abẹ́ afárá Sàngó, àwọn kan sì ti ń bẹ̀ ẹ́ kó má kó lọ. Nígbà tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà, ohun tí wọ́n rí ni, "A kò lọ sí Ojú-Ore." Inú wọn dùn, wọ́n sì fọkàn balẹ̀.

Onídìrí náà gbé fóònù fún mi, ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ tí o kàwé Yorùbá, bá mi tún un kọ." Ó gbà mí láyè láti sọ ọ̀rọ̀ náà níbí, bí mi ò bá ti dárúkọ rẹ̀. Èmi rò pé iṣẹ́ àmì ohùn lásán ni. Nígbà tí a jókòó tì í, a rí i pé àmì ohùn ni èyí tó rọrùn jù. Ohun tó ń jẹni níyà nínú irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ti gba àyè sílẹ̀, tí wọ́n sì ti san owó àsansílẹ̀ kí ìkólọ tó dé.

Ìwé àjákọ kan ni obìnrin yìí fi ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ wá, ọjọ́, aago, irú irun tí onítọ̀hún fẹ́ ṣe, àti iye tó ti san sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025 ni a ṣí ìwé náà, orúkọ mẹ́rìnlá ló wà níwájú. Ètò rẹ̀ ni pé Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 25 oṣù náà ni yóò ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ní Sàngó. Yóò fi Ọjọ́ Àìkú, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kó ẹrù, yóò sì ṣílẹ̀kùn ní Ojú-Ore ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 29. Mo fara mọ́ bó ṣe yan ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni owó onídìrí máa ń wọlé, ẹni tó bá fi wọ́n kó ẹrù ti fi èrè ọ̀sẹ̀ kan san owó ọkọ̀ akẹ́rù.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó kọ́kọ́ fẹ́ fi bo gbogbo àwọn mẹ́rìnlá náà ni pé, "Àyè tí ẹ ti gbà kò yí padà." Ó dùn-ún gbọ́, kò sì jóòótọ́. Mo ní kí a mú bírò, kí a yẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan wò. Àwọn márùn-ún ń bọ̀ kí ọjọ́ 25 tó kọjá, nítorí náà Sàngó náà ni wọn yóò wá. Bí a bá sọ fún wọn pé a ti kó, tí a kò sì sọ ọjọ́, a jẹ́ pé Ojú-Ore ni wọn yóò gbà lọ, wọn yóò sì bá ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Àwọn márùn-ún mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù tuntun bá ti ṣí, ọjọ́ àti aago wọn sì bá ètò tuntun mu. Ibi tí wọn yóò wá nìkan ló yí padà fún wọn. Ó ku mẹ́rin, àwọn mẹ́rin yìí ló lẹ́jọ́.

Ẹni kìíní nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 27 ni ìsinmi rẹ̀. Ọjọ́ yẹn, aṣọ àti àga ni yóò wà lórí ọkọ̀. Ẹni kejì gba aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 30, irun kékeré olówùú gígùn tó ń gba wákàtí mẹ́fà ló sì fẹ́ dì. Ní Sàngó, wọn ì bá kàn tan jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n dì í di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ní Ojú-Ore, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni onílé máa ń ti géètì. Ẹni kẹta gba Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, láìmọ̀ pé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti di ọjọ́ ìsinmi nínú ètò tuntun. Ẹni kẹrin ló mú kí a dákẹ́ díẹ̀. Obìnrin kan ni, ìyá rẹ̀ kú. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta gba Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 28, nítorí pé àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n ń gbéra lọ sí Iléṣà fún ìsìnkú. Orí mẹ́rin ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni wọ́n sì ti san sílẹ̀.

Ẹ rí i pé kò sí ìkéde kan ṣoṣo tó lè bá àwọn mẹ́rin yìí sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá fi ìkéde gbogboogbò ránṣẹ́ sí wọn ti fi wọ́n sílẹ̀ láti máa ro ìtumọ̀ rẹ̀ fúnra wọn. Ohun tó yẹ ni kí a pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìkéde gbogboogbò tó jáde, nítorí kò dáa kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù gbọ́ ọ pẹ̀lú gbogbo ayé. Ìpè náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ "ẹ má bínú, ẹ wá ní ọjọ́ mìíràn" nìkan. Kí onídìrí ti ní ohun tó fẹ́ fi lọ̀ wọ́n lọ́wọ́: ọjọ́ kan pàtó, aago kan pàtó, àti owó wọn bí ìyẹn kò bá bá wọn lára mu.

Níbi ọ̀rọ̀ owó, àríyànjiyàn díẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti rẹ̀. Pátákó kan wà lára ògiri rẹ̀ tó sọ pé owó àsansílẹ̀ kì í padà sẹ́yìn. Mo ní pátákó yẹn wúlò fún oníbàárà tó fi onídìrí sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, tí àga wà lófìfo fún ìdajì ọjọ́. Níbí yìí, onídìrí ló yẹ àdéhùn, kì í ṣe oníbàárà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà tilẹ̀ gba oníbàárà láyè láti fagi lé àyè tó ti gbà sílẹ̀, iye tó bá bójú mu nìkan sì ni ẹni tó ń ta iṣẹ́ lè yọ nínú owó rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tó yí ọkàn padà, kí ni ká wá sọ nípa ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́? Ó dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀, n ó dá a padà ní píípé." A kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó yí ọ̀rọ̀ padà.

Ó pe obìnrin ọlọ́fọ̀ náà níṣojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àfẹ́kù ìyá wa, Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró. Ọjọ́ tí ẹ mú, a ó ti tú ṣọ́ọ̀bù, a kò sì ní tíì tò ó. Mo lè bá yín dì í nílé yín ní Ọjọ́ Ajé, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kan, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iye tí a jọ sọ náà ni. Bí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ yín á wọlé lónìí." Ọlọ́fọ̀ náà mú ti ilé. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ gba àárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 29, ẹni Ọjọ́ Ìṣẹ́gun bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3, ẹni tó fẹ́ dì wákàtí mẹ́fà sì gbà láti wá ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan náà. Ìpè mẹ́rin péré ni, kò tó ìdajì wákàtí.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: ọwọ́ ni oníbàárà ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé ní Ìjòkó, kò sì ní bá wọn lọ sí Ojú-Ore. Àwọn méjì nínú àwọn márùn-ún tí ọjọ́ wọn kò yí padà jẹ́ ti ọmọ iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá dé tí wọ́n bá ọwọ́ mìíràn, wọn yóò rò pé wọ́n tan àwọn jẹ ni. A fi gbólóhùn kan sí i fún àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ aago ló kàn. Tẹ́lẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí méje alẹ́ ni, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní Ojú-Ore, ó fẹ́ máa ṣí ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ agbègbè yìí ń ṣiṣẹ́ òru, ẹni tó bá sì jáde níbi iṣẹ́ ní aago méje fẹ́ ṣe orí rẹ̀ kó tó lọ sùn. Bó bá sùn tán, ọ̀sán ti pọ́n. Ó tún fẹ́ máa ṣí ní Ọjọ́ Àìkú láti aago méjì ọ̀sán, nígbà tí àwọn ará ilé ìjọsìn bá ti dé.

Ṣùgbọ́n kí ni "a máa ń tì ní aago mẹ́jọ alẹ́" túmọ̀ sí? Onídìrí gbà pé aago mẹ́jọ ni òun ń gba ilé lọ. Oníbàárà gbà pé bí òun bá wọlé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta, òun ṣì bá wọn. Nítorí náà, aago tí oníbàárà nílò gan-an ni aago tí a ń gbà á jókòó kẹ́yìn, èyí sì yàtọ̀ láti irun dé irun. Irun kíkó kò gba àkókò púpọ̀, ẹni tó bá jókòó ní aago mẹ́fà ààbọ̀ yóò dìde kí aago mẹ́jọ tó lù. Ṣùkú tàbí ìpàkó-ẹlẹ́dẹ̀ lásán, tí kò ní irun àfikún, fẹ́ kí ènìyàn ti jókòó ní aago márùn-ún ààbọ̀. Irun kékeré olówùú gígùn, bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ ní aago kan ọ̀sán, kó di ọjọ́ kejì. A kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìkéde, a sì kọ "àárọ̀" tàbí "alẹ́" tẹ̀ lé aago kọ̀ọ̀kan.

Ti ọjọ́ náà tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ó ti kọ "òní ọjọ́ mẹ́ta" síbì kan. Nínú òǹkà àwọn bàbá wa, òní fúnra rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní. Ìdí nìyí tí "òní ọjọ́ mẹ́jọ" fi jẹ́ ọjọ́ yìí kan náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ọjà ọlọ́rọọrún sì ń padà ná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó ka "òní ọjọ́ mẹ́ta" ní Ọjọ́ Ajé, bó bá jẹ́ àgbà, Ọjọ́rú ni yóò wá. Ọmọ tó kọ́ ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ yóò dé ní Ọjọ́bọ̀. Bí wọ́n bá tún wá fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì, "òní" ti di òmíràn. Orúkọ ọjọ́ pẹ̀lú déètì rẹ̀ ni kí a kọ papọ̀, nítorí bí ọ̀kan bá ṣì, èkejì á tú u fó.

Ní ti ọ̀nà, mo ṣọ́ra fún "ọwọ́ ọ̀tún". Ẹni tó wọ kòrópe láti Sàngó àti ẹni tó ń bọ̀ láti apá Àtàn kọjú sí ara wọn ni, ọ̀tún ẹnìkan ni òsì ẹnìkejì. A kọ ti àwọn méjèèjì.

Èyí ni ohun tó jáde lẹ́yìn gbogbo rẹ̀:

"Ẹ̀yin oníbàárà wa, a kí yín o. A ń kó ṣọ́ọ̀bù wa láti Sàngó lọ sí Ojú-Ore. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Kẹwàá 2025 la ó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ní Sàngó. Ilẹ̀kùn wa yóò wà ní títì ní ọjọ́ 26, 27 àti 28. Ọjọ́rú, 29 oṣù Kẹwàá la ó ṣí ní Ojú-Ore, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò: ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń bọ̀ láti Sàngó, ọwọ́ òsì ẹni tó ń bọ̀ láti Àtàn.

Aago wa tuntun: Ọjọ́ Ajé, àti Ọjọ́rú sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7 ààbọ̀ àárọ̀ sí aago 8 alẹ́. Ọjọ́ Àìkú, aago 2 ọ̀sán sí aago 7 alẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ìsinmi wa. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ jókòó fún irun kékeré olówùú kí aago 1 ọ̀sán tó kọjá, fún dídì lásán kí aago 5 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó kọjá, fún kíkó kí aago 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó kọjá. Ní Ọjọ́ Àìkú, dídì lásán àti kíkó nìkan là ń ṣe, ẹ jókòó kí aago 4 ààbọ̀ tó kọjá.

Bí ẹ bá ti gba àyè sílẹ̀: títí di ọjọ́ 25, Sàngó ni kí ẹ wá. Láti ọjọ́ 29, Ojú-Ore ni, ọjọ́ àti aago yín kò yí padà, iye tí a jọ sọ àti owó tí ẹ ti san sílẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ọjọ́ tàbí aago wọn yí padà, a ti pè yín. Bí a kò bá pè yín, tí ọjọ́ yín sì bọ́ sí 26, 27, 28 tàbí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun èyíkéyìí lẹ́yìn náà, ẹ pè wá. Ẹni tí ètò tuntun kò bá rọ̀ lọ́rùn yóò gba owó rẹ̀ padà ní píípé. Nọ́ńbà fóònù wa kò yí padà."

Ó gùn, mo mọ̀. Ọ̀rẹ́ kan tí mo fi hàn ní kí n gé e sí ìdajì. Mo gbà pé kí a gé ìkíni àti àdúrà gígùn tó máa ń kún irú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ìlà tó dá lórí àyè tí a ti gbà sílẹ̀ kò ṣe é gé, nítorí òun ni kò jẹ́ kí fóònù máa dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bí ìkéde bá wá dára tán, ó ṣì lè má dé. Lórí Wásáàpù, bí a bá fi `New broadcast` ránṣẹ́, ẹni tó ti fi nọ́ńbà wa pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ni yóò rí i gbà. Ẹni tí kò fi í pamọ́ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun wáyé, kò sì sí ìkìlọ̀ tí yóò fara hàn lójú fóònù olùfiránṣẹ́ pé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oníbàárà tuntun tó kọ́kọ́ wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sábà máa ń bọ́ sínú kòtò yìí. Àmì tí a fi ń mọ̀ ni pé bí wákàtí mẹ́rìnlélógún bá kọjá tí àmì gáálì kan ṣoṣo ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹnìkan, kí a fi ti ẹni náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀.

Fún àwọn tí kò ní Wásáàpù, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ló kù, ibẹ̀ ni ẹnu mi sì ti wọhò díẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó jẹ́ lẹ́tà lásán gba ọgọ́jọ lẹ́tà ní ojú-ewé kan. Bí ẹyọ "ẹ" tàbí "ṣ" kan bá ti wọ inú rẹ̀, gbogbo ojú-ewé náà á sún kì, á di àádọ́rin. Ọ̀rọ̀ tí ì bá jẹ́ owó ojú-ewé kan á di ti mẹ́ta. Mi ò lè ní kí onídìrí ná owó mẹ́ta torí ìfẹ́ tí mo ní sí àmì ohùn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wá gbólóhùn tí kò nílò rẹ̀. "A ko lo si" jáde pátápátá. "A ko si ni ojo Isegun" náà jáde, nítorí ẹni kan á kà á sí "a kò ṣí," ẹlòmíràn á kà á sí "a kò sí," bí ẹni pé a ti kú. Èyí ló dúró dípò wọn: "Soobu wa tuntun wa ni Oju-Ore. Ojo Isegun ni ojo isinmi wa." Kò dùn mọ́ mi lójú, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo la lè gbà kà á.

Ó tẹ ìkéde gígùn náà sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn Sàngó pẹ̀lú àwọn àmì ohùn rẹ̀ ní pípé, ó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ aránṣọ tí wọ́n jọ pín ògiri, kó lè lẹ òmíràn bí òjò bá já ti àkọ́kọ́.